Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe: sẹ́ẹ̀lì síǹkì àti bàbà inú ìkòkò amọ̀, àti bí a ṣe ka agbára Gíbísì láti ara fóltì rẹ̀

Yàrá ìdánwò kẹ́mísírì ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kàbà, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, ni a ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn. Ohun tí a fẹ́ rí ni bí fóltì sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yí padà nígbà tí omi iyọ̀ inú rẹ̀ kò bá sí ní ìwọ̀n tí ìwé fi lélẹ̀, àti bí a ṣe lè ti inú fóltì yẹn mọ iye agbára Gíbísì, èyíinì ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ tí ìyípadà kẹ́mísírì inú sẹ́ẹ̀lì náà lè ṣe. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì síǹkì àti bàbà ń fúnni ní 1.10 fóltì, wọ́n sì ń kà á bí ẹni pé nọ́ńbà náà jẹ́ ti irin méjèèjì títí ayé. Bẹ́ẹ̀ sì ni 1.10 wà fún ipò kan ṣoṣo, èyíinì ni ìgbà tí áyọ́ọ̀nù síǹkì àti ti bàbà bá ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n mólù 1 nínú lítà kan, ní 25 °C. Kò sí ọ̀sán kan ní Kàbà tí yàrá wa tutù tó bẹ́ẹ̀, omi tí a sì pò kò kí tó bẹ́ẹ̀.

Ohun èlò

Irú sẹ́ẹ̀lì tí Dáníẹ́lì ṣe ní ọdún 1836 ni a mọ, nítorí pé ohun tó nílò kò ṣòroó rí ládùúgbò wa. Iyọ̀ bàbà aláwọ̀ aró, èyí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń po mọ́ ẹfun láti fọ́n sí ara èso tí àrùn dúdú bá ń bà jẹ́, ni a rà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn oko. Ibẹ̀ náà ni a ti rí súlféètì síǹkì, tí wọ́n ń tà bí ajílẹ̀. Súlféètì mágínísíà wá láti ilé ìtaja oògùn. Ara àwọn bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú ni a ti bó síǹkì, a fi yanrìn pẹ̀lú omi fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. Bàbà wá láti inú wáyà iná tó nípọn, tí a bó ròbá ara rẹ̀ kúrò. Omi tí a lò ni omi bátìrì tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ń tà, ìyẹn omi tí a sè tí a sì gba ooru rẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á wo àmì ara rẹ̀ dáadáa, nítorí ásíìdì bátìrì a máa wà nínú irú ike kan náà.

Ìkòkò ni iṣẹ́ kékeré tó gba ọgbọ́n. Ògiri tó ya omi méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù kọjá, kó má sì jẹ́ kí omi méjèèjì dà pọ̀ kíákíá. Ìyá kan tó ń mọ ìkòkò bá wa mọ ife amọ̀ tín-ín-rín, ó sun wọ́n láìfi ohunkóhun dán ara wọn. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ èyí tí omi lè rìn díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ìyẹn ni a máa ń jù sílẹ̀, àmọ́ bí o bá ní o fẹ́ ẹ, èmi yóò mọ̀ ọ́n fún ọ.” A bọ ife kọ̀ọ̀kan sínú omi súlféètì mágínísíà mọ́júmọ́ kí a tó lò ó, kí ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ lè kún fún omi tó ń gbé iná. Ọ̀pá síǹkì àti omi síǹkì wà nínú ife náà, ọ̀pá bàbà àti omi bàbà sì wà nínú ìgò gíláàsì tó yí i ká.

A po omi mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mólù 0.1 nínú lítà kan. Nítorí omi tó so mọ́ iyọ̀ wọ̀nyí nígbà tí wọ́n gbẹ, ohun tí a wọ̀n ni gíráàmù 25.0 ti iyọ̀ bàbà, gíráàmù 28.8 ti iyọ̀ síǹkì, àti gíráàmù 24.6 ti iyọ̀ mágínísíà, a sì bu omi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé lítà kan.

Ìdánwò ọ̀pá kí a tó wọn ohunkóhun

Kí a tó gba fóltì kankan gbọ́, a fi ọ̀pá bàbà méjì sínú omi bàbà kan náà, a sì fi míta kàn wọ́n. Òdo ló yẹ kí a rí, nítorí kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí míta bá kọ mìlífóltì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ọ̀pá kan ló ní ìṣòro, ó lè jẹ́ ọ̀rá ìka, ìpẹtà, tàbí ìyókù ọ̀dà ara wáyà. A ń fi yanrìn ha wọ́n títí ìyàtọ̀ náà fi wá sí abẹ́ mìlífóltì 2. A sì rí i dájú pé kílípù míta kò kan omi rárá, nítorí irin ni kílípù, irin tó bá sì kan omi iyọ̀ bàbà yóò di ọ̀pá mìíràn fúnra rẹ̀, míta yóò sì máa ka àdàpọ̀ ọ̀rọ̀ irin méjì. Ẹni tó bá fo ìdánwò yìí kò ní lè sọ bóyá mìlífóltì 5 tí òun rí wá láti inú omi ni àbí láti ara wáyà, bẹ́ẹ̀ mìlífóltì ni gbogbo iṣẹ́ wa dá lé.

Ìlànà tí a fẹ́ dán wò

Ìyípadà inú sẹ́ẹ̀lì náà àti ìlànà mẹ́ta tó dè é nìyí. ΔG ni agbára Gíbísì, E ni fóltì sẹ́ẹ̀lì, àmì ° sì ń tọ́ka sí ipò mólù 1 tí a sọ lókè. n ni iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kọjá, F ni kúlọ́ọ̀mù inú mólù kan wọn, T ni ìwọ̀n-ooru, R sì ni nọ́ńbà gáàsì tí kì í yí padà:

```
Zn + Cu²⁺ → Zn²⁺ + Cu
ΔG = ΔG° + RT ln Q        Q = [Zn²⁺]/[Cu²⁺]
ΔG = −nFE
E  = E° − (RT/nF) ln Q
```

Ìlà kejì sọ pé agbára Gíbísì ìyípadà kan kò dúró sójú kan: ó ń tẹ̀lé iye ohun tí a ti mú jáde sí iye ohun tó kù. Ìlà kẹta ni afárá tó so kẹ́mísírì mọ́ iná. Bí síǹkì bá fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sílẹ̀ fún bàbà, n jẹ́ 2. Mólù kan irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ yóò ti kúlọ́ọ̀mù 2 × 96485 gba inú wáyà, ìyẹn 192970. Kúlọ́ọ̀mù kan tí a fi fóltì kan tì jẹ́ júùlù kan iṣẹ́. Nítorí náà, fóltì tí míta kà nígbà tí iná kò ṣàn, tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 192970, ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ tí mólù kan lè ṣe, àmì ìyọkúrò iwájú rẹ̀ sì ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì ló ń pàdánù agbára náà. Tí a bá fi −nF pín ìlà kejì, ìlà kẹrin ni yóò jáde, èyí tí Nẹ́ńsìtì gbé jáde ní ọdún 1889.

Yàrá wa wà ní 30 °C nígbà tí a ń ṣiṣẹ́, ìyẹn 303 nínú ìwọ̀n Kẹ́lífínì. Tí a bá yí lọ́gárídímù padà sí ti ìpìlẹ̀ mẹ́wàá, RT/nF di fóltì 0.0301. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá sọ áyọ́ọ̀nù bàbà di ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí a kò sì fọwọ́ kan ti síǹkì, fóltì gbọ́dọ̀ fi mìlífóltì 30 wálẹ̀. Ìwé tó bá kọ 29.6 ń sọ̀rọ̀ nípa 25 °C. E° fúnra rẹ̀ ń fi bíi ìdá mẹ́wàá mìlífóltì kan dín kù fún gbogbo 1 °C tí ooru fi ga sí i, nítorí náà ìwọ̀n márùn-ún tí yàrá wa fi ju ti ìwé lọ kò gbà ju ìdajì mìlífóltì lọ, a sì gbójú fò ó.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́: omi lásán ni a fi bomi là á

A kọ́kọ́ ṣe é bí ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ ṣe ní kí a ṣe é, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ibi tó máa dé. Omi síǹkì dúró ní 0.1. Omi bàbà bẹ̀rẹ̀ ní 0.1, a fi omi bátìrì bomi là á di 0.01, a tún bomi là á di 0.001. Míta kọ 1.098, lẹ́yìn náà 1.079, lẹ́yìn náà 1.054. Ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ mìlífóltì 19, èkejì jẹ́ 25. Kò sí èyí tó pé 30.

Èmi gbà pé ibí yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń sọ pé “àṣìṣe ìdánwò” ni, tí wọn yóò sì kọjá. Ìdánwò ọ̀pá ti sọ fún wa pé wáyà kò lè jẹ̀bi mìlífóltì 11. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé Q inú ìlànà náà kò ka iye áyọ́ọ̀nù tó wà nínú omi. Iye tó lè ṣiṣẹ́ ló ń kà. Áyọ́ọ̀nù bàbà ní agbára iná méjì, súlféètì náà ní méjì tó kọjú sí i, wọ́n sì ń fa ara wọn gidigidi. Bí ènìyàn inú ọjà tó kún ni ọ̀rọ̀ rí: bí èrò bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni apá ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe há tó. Nínú omi 0.1, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni áyọ́ọ̀nù bàbà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ó dá wà. Nínú omi 0.01, ó ti gòkè dé bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú omi 0.001, ó lé ní 70. Nígbà tí a bomi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá nígbà àkọ́kọ́, iye tó ń ṣiṣẹ́ kò dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ó lọ láti 0.015 sí bíi 0.004, tí kò tó ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn sì jẹ́ bíi mìlífóltì 17. Ìyókù díẹ̀ wá láti ara ògiri ìkòkò, níbi tí súlféètì ti ń yára kọjá ju áyọ́ọ̀nù irin lọ nígbà tí omi ẹ̀gbẹ́ kan bá kí ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, tí ìyàtọ̀ ìyára yẹn sì ń dá fóltì kékeré tirẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni ìdí tí ìwọ̀n àkọ́kọ́ fi sún mọ́ 1.10 tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí omi méjèèjì jìnnà sí mólù 1? Nítorí pé iyọ̀ síǹkì àti iyọ̀ bàbà jọ ara wọn gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí ni. Ìdá 15 wà lókè Q, ìdá 15 wà nísàlẹ̀, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́, Q di 1, lọ́gárídímù rẹ̀ sì di òdo.

Àtúnṣe: a fi iyọ̀ mágínísíà bomi là á

Bí wàhálà bá wá láti inú pé èrò ọjà ń dín kù bí a ti ń bomi là á, ọ̀nà àbáyọ ni kí a jẹ́ kí èrò náà dúró bó ṣe wà. A gba mìlílítà 100 omi bàbà 0.1, a sì bu mìlílítà 900 omi súlféètì mágínísíà 0.1 sí i. Àpapọ̀ súlféètì ṣì jẹ́ 0.1, àpapọ̀ áyọ́ọ̀nù irin ṣì jẹ́ 0.1, ṣùgbọ́n bàbà ti di 0.01. Mágínísíà kì í bá bàbà jà lórí ọ̀pá, nítorí kò lè gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ síǹkì. Ó wà níbẹ̀ kí ọjà lè kún ni. Nítorí pé ó jọ bàbà ní bó ṣe ń di súlféètì mú, ìdá tó ń ṣiṣẹ́ nínú bàbà kò yí padà. Omi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìkòkò náà sì wá dọ́gba ní kíki, èyí tó mú kí fóltì ògiri ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Míta kọ 1.098 fún bàbà 0.1, 1.068 fún 0.01, àti 1.038 fún 0.001. Mìlífóltì 30, mìlífóltì 30.

Ní báyìí, a lè sọ wọ́n di agbára Gíbísì láìṣiyèméjì. 1.098 lọ́nà 192970 jẹ́ júùlù 211,900, ìyẹn ni pé ΔG jẹ́ −211.9 kílójúùlù fún mólù kan. 1.068 fúnni ní −206.1, 1.038 sì fúnni ní −200.3. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba 5.8 kílójúùlù. A tún ṣírò RT lọ́nà lọ́gárídímù àdánidá ti 10 ní 303 Kẹ́lífínì láìwo míta rárá, a sì rí 5.8. Nọ́ńbà yìí kò mọ síǹkì, kò mọ bàbà. Ìwọ̀n-ooru nìkan ló mọ̀. Ìyípadà mìíràn tí ọ̀kan nínú àwọn èròjà rẹ̀ bá dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá lọ́nà yìí yóò pàdánù 5.8 kan náà fún mólù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mìlífóltì tó bá a lọ yóò jẹ́ 60 bí n bá jẹ́ 1.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí a bá lo ìkòkò tó tóbi ní ìlọ́po méjì, ṣé fóltì náà kò ní di 2.2?” A gbé ife tó tóbi jù wá, a sì wọ̀n ọ́n: 1.098. Bí a bá sọ ìyípadà náà di ìlọ́po méjì lórí ìwé, ΔG di ìlọ́po méjì, n di 4, ìpín méjèèjì sì pa ara wọn rẹ́ nígbà tí a bá ń wá E. Q náà di Q ní ìlọ́po ara rẹ̀, lọ́gárídímù rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì lórí n tó di ìlọ́po méjì. Ohun tí ìkòkò ńlá ń fi kún un ni iye mólù tó wà níbẹ̀ láti ná, àti ìdènà inú tó dín kù.

Nígbà tí a gbé ẹrù lé e

A fi rẹ̀sísítọ̀ 100 óòmù so ọ̀pá méjèèjì pọ̀. Fóltì já láti 1.098 sí 0.92 lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì rò pé ΔG ni ó dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kò tíì yí padà, Q kò yí padà, ΔG ṣì jẹ́ −211.9. Ohun tó yí padà ni ibi tí iṣẹ́ náà lọ. Ìṣàn iná jẹ́ 9.2 mìlíámpíà, fóltì 0.178 tó sọnù, tí a bá fi ìṣàn yẹn pín in, fúnni ní óòmù 19, ìyẹn ìdènà inú ìkòkò àti omi. Nínú 211.9 kílójúùlù mólù kan, 177.5 dé ọ̀dọ̀ rẹ̀sísítọ̀, 34.4 di ooru nínú amọ̀. Ìdí nìyí tí fóltì tí a ó fi ṣírò ΔG fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kà nígbà tí iná kò ṣàn. Míta oní-nọ́ńbà tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù óòmù 10 kì í fa iná tó lè ba ìwọ̀n náà jẹ́. Míta alábẹ́rẹ́ àtijọ́ ń fà á, fóltì tó ń kọ sì máa ń kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró díẹ̀ lórí bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń kú. Ká ní mìlílítà 100 omi wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bàbà 0.1 àti síǹkì 0.1. Mólù bàbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ 0.01, iná tó lè tì jẹ́ kúlọ́ọ̀mù 1930, gbogbo iṣẹ́ tó lè ṣe kò sì ju bíi 2.1 kílójúùlù lọ. Nígbà tí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún bàbà bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, bàbà tó kù nínú omi jẹ́ 0.001, síǹkì sì ti di 0.199. Q jẹ́ 199, lọ́gárídímù rẹ̀ jẹ́ 2.3, fóltì sì ti fi mìlífóltì 69 péré wálẹ̀, láti 1.098 sí 1.029. Ẹni tó bá fi míta wò ó láìgbé ẹrù lé e yóò sọ pé bátìrì yìí ṣì dára, nígbà tó jẹ́ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú rẹ̀. Fún ìdọ́gba pátápátá, níbi tí E àti ΔG ti di òdo, Q gbọ́dọ̀ tó bíi nọ́ńbà 3 tí òdo 36 tẹ̀lé. Kò sí bí a ṣe lè bomi la bàbà tó bẹ́ẹ̀ nínú ìgò. Èyí ló fà á tí kò fi ṣeé ṣe láti yí ojú sẹ́ẹ̀lì yìí padà nípa bíbomi là nìkan.

Ibi tí ìlànà náà kò gbé wa dé

A gbìyànjú bàbà 0.0001, pẹ̀lú mágínísíà bí i ti tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí míta kọ 1.008. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1.02, ó ń rìn sókè sódò, kò sì jókòó. Bàbà inú omi ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó yọ́ sínú omi náà bẹ̀rẹ̀ sí bá a pín ojú ọ̀pá. Ọ́síjìn ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, bàbà ara ọ̀pá sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, tó bẹ́ẹ̀ tí iye tó wà létí ọ̀pá fi ju iye tí a pò lọ. Ọ̀nà tí a fi mọ̀ ni pé nígbà tí a ro omi náà, fóltì yí padà. Nínú omi 0.01, ríro kò yí ohunkóhun padà.

Àmì kejì tí a máa ń ṣọ́ ni àwọ̀ síǹkì. Bí ife amọ̀ bá ti jò jù, bàbà yóò wọlé sọ́dọ̀ síǹkì, yóò sì bò ó ní dúdú bí èéfín ìdáná. Láti ìgbà náà, ìyípadà ń ṣẹlẹ̀ lórí síǹkì fúnra rẹ̀ láìgba inú wáyà, agbára Gíbísì ń di ooru lásán, fóltì sì ń wálẹ̀ láìdúró bí a kò tilẹ̀ gbé ẹrù kankan lé e. A ń yọ síǹkì náà, a ń ha á, a sì ń fi ife mìíràn rọ́pò èyí tó jò. Lẹ́yìn iṣẹ́, a kì í da omi bàbà sí ẹ̀bá kànga tàbí odò, nítorí ó ń pa ẹja. A fi àjákù irin sínú rẹ̀ títí bàbà fi lẹ̀ mọ́ irin náà tí àwọ̀ aró rẹ̀ sì parẹ́, a sì kó bàbà náà pamọ́.